Kádì Oṣù 20: Bí Ìjọba Ọ́tómánì Ṣe Ń Rán Adájọ́ Lọ Sí Ìlú Òkèèrè

Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, kádì tí wọ́n bá rán lọ sí ìlú kékeré kan lábẹ́ ìjọba Ọ́tómánì kì í lò ju oṣù 20 lọ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìlú ńlá bíi Káírò, Dàmásíkù tàbí Jerúsálẹ́mù ni, ọdún kan péré ni wọ́n fún un. Kò ní í tíì mọ àwọn àgbà àdúgbò tán tí ẹlòmíì yóò fi dé pẹ̀lú ìwé ìyànsípò lọ́wọ́, tí òun náà yóò sì di ẹrù rẹ̀ padà sí Ìsítáńbùlù, olú ìlú ìjọba, láti lọ máa retí ipò mìíràn.

Ìjọba mọ ohun tó ń ṣe. Ilẹ̀ wọn fẹ̀ láti Húńgárì dé Yẹ́mẹ̀nì, ohun tí wọ́n sì ń bẹ̀rù jù ni kí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ má lọ di ọba sí ibi tí wọ́n rán an. Wọn kò fi agbára ìlú kankan lé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Gómìnà, tí wọ́n ń pè ní béè tàbí páṣà, ló ni àwọn ọmọ ogun, ṣùgbọ́n òfin kò gbà á láyè láti jẹ ọ̀daràn níyà láìjẹ́ pé kádì ti dá ẹjọ́ rẹ̀. Kádì ní tirẹ̀ lè dájọ́, àmọ́ kò ní ọmọ ogun tí yóò mú ìdájọ́ náà ṣẹ. Àwọn méjèèjì ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé sí Ìsítáńbùlù, kí ọ̀kan fi ẹjọ́ èkejì sùn. (Oyè béè yìí kan náà ni Sọ́tánì Abdulhamid Kejì fi ránṣẹ́ sí Mohammed Shitta ní Èkó nígbà tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí rẹ̀ ní 1894. Ibẹ̀ ni ìdílé náà ti di Shitta-Bey. Nígbà yẹn, oyè ọ̀wọ̀ lásán ló ti dà.)

Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà di kádì kò yá rárá. Ilé-kéwú gíga ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, ipò ilé-kéwú sì ju ara wọn lọ: àwọn tó kéré wà káàkiri, àwọn tó ga jù sì wà ní Ìsítáńbùlù, bíi mẹ́jọ tí Sọ́tánì Mehmed Kejì kọ́ yí mọ́ṣáláṣí rẹ̀ ká, àti èyí tí Sọ́tánì Sulemánù kọ́ lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá kàwé tán kò lè dìde wọ́ọ́rọ́wọ́ kó gba iṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ rí àáfà ńlá kan tí yóò fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àwọn tó ń retí iṣẹ́. Ẹbusúúdù Efendi, tó padà di olórí mùfútì gbogbo ilẹ̀ náà láti 1545 títí tó fi kú ní 1574, ni wọ́n sọ pé ó fi ètò sí ọ̀rọ̀ orúkọ kíkọ yìí. Ọdún méje-méje ni wọ́n ń ṣí ìwé náà fún orúkọ tuntun, wọ́n sì tún máa ń ṣí i nígbà tí ọba tuntun bá gorí oyè.

Àwọn tó ń pín ipò náà ni wọ́n ń pè ní kádì àwọn ọmọ ogun. Méjì ni wọ́n. Ọ̀kan ló ń bojú tó ilẹ̀ Yúróòpù, èkejì ń bojú tó Anatólíà àti ilẹ̀ Lárúbáwá. Àwọn ìlú ńlá nìkan ni olórí mùfútì fúnra rẹ̀ ń dábàá ẹni tí yóò lọ síbẹ̀. Gbogbo kádì tí sáà rẹ̀ bá ti pé gbọ́dọ̀ padà wá máa yọjú sí ààfin àwọn ọ̀gá yìí, kí wọ́n má baà gbàgbé rẹ̀. Bí àwọn tó ń retí ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gé sáà kúrú kí ó lè kárí: ó ti tó ọdún mẹ́ta rí, ó di méjì, ó di oṣù 20. Nítorí náà, kì í ṣe ìbẹ̀rù nìkan ló mú kí sáà kúrú. Èrò tó tò sẹ́yìn pọ̀ ju àga lọ. Ọmọ àáfà ńlá ni ìtò yìí kì í ká mọ́. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, a rí nínú wọn tí wọ́n fún ní ipò olùkọ́ nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ọmọ ọwọ́.

Nígbà tí àlejò yìí bá dé ìlú, kí ni ó fi ń mọ ẹni tó ń purọ́? Àwọn ará ìlú gan-an ni. Lọ́pọ̀ ìgbà kò sí ilé-ẹjọ́ kan pàtó. Ilé tí kádì ń gbé ni yóò ti jókòó, akọ̀wé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, akọ́dà ń lọ pe ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, àwọn ẹni iyì ìlú mélòó kan sì jókòó bí ẹlẹ́rìí pé bí ẹjọ́ ṣe lọ nìyẹn. Orúkọ wọn ló ń wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo ohun tí akọ̀wé bá kọ sínú ìwé ilé-ẹjọ́. Ẹni tó pe ẹjọ́ ni yóò mú ẹlẹ́rìí méjì wá. Bí kò bá rí wọn, ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ yóò búra, ẹjọ́ parí. Kìrìsìtẹ́nì àti Júù pẹ̀lú máa ń gbé ẹjọ́ wọn wá síbẹ̀, pàápàá lórí ilé, gbèsè àti ogún, nítorí pé ìwé kádì ni ìjọba ń bọ̀wọ̀ fún.

Ìwé ilé-ẹjọ́ Ayntábù, tó di Gasiantẹ́pù ní Tọ́kì òde òní, jẹ́ ká rí bí ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò ṣe lágbára tó. Nínú ìwé ọdún 1540 sí 1541, wọ́n fẹjọ́ obìnrin kan tí ń jẹ́ Hájíà Sabáà sùn. Ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní kéwú nínú ilé rẹ̀, ó sì mú ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ìbùráímù wá láti máa kọ́ wọn. Àwọn aládùúgbò ní ọkùnrin àti obìnrin ń dà pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì fura pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ kò tọ̀nà. Wọ́n lé àwọn méjèèjì kúrò nílùú. Àlejò tí kò mọ̀ wọ́n rí ló dájọ́ náà, àmọ́ ohun tí àdúgbò gbà gbọ́ nípa wọn ló gbé ẹjọ́ dé ibẹ̀.

Bí a bá fẹ́ mọ ibi tí ètò yìí ti ń jò, ọ̀rọ̀ owó ni ká wò. Àwọn ìwé máa ń sọ pé kádì kan wà ní ipò 150 ákíṣè, òmíràn ní 300, àwọn ńlá ní 500 lójúmọ́. Owó fàdákà wẹ́wẹ́ ni ákíṣè. Ìwọ̀n ipò ni iye yẹn, kì í ṣe owó oṣù tí ìjọba ń san. Ọwọ́ àwọn tó bá wá sí ilé-ẹjọ́ ni kádì ti ń jẹun. Ó ní iye tó ń gbà lórí ìwé àdéhùn, lórí ìgbéyàwó, lórí ìwé ìdáǹdè ẹrú. Níbi ogún pípín ni ọ̀rá wà.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkùnrin oníṣòwò kan ṣe àpẹẹrẹ, tó kú ní Búrúsà, tó fi ìyàwó kan, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin méjì sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ kádì yóò dé, yóò ka ìkòkò, ẹní, aṣọ, ewúrẹ́ àti ọjà inú ṣọ́ọ̀bù, yóò dá iye lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì yọ gbèsè kúrò. Ká ní ó ku 64,000 ákíṣè. Ìyàwó ni ó ni ìdá kan nínú mẹ́jọ, ìyẹn 8,000. Nínú 56,000 tó kù, ọmọkùnrin gba ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin: 28,000 fún un, 14,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọmọbìnrin. Owó kádì tí òfin mọ̀ jẹ́ ákíṣè 15 nínú 1,000, ìyẹn 960 lórí gbogbo rẹ̀, kí olúkálukú tó gba tirẹ̀. Kádì tó bá gba 25 dípò 15 yóò kó 1,600 lọ. Bí òṣìṣẹ́ bá sì dá iye gọbọi lé ìkòkò tó ti jò, owó ọ̀gá rẹ̀ tún lé sí i.

Òfin kò sì ní kí kádì dá sí gbogbo ogún. Bí àwọn ajogún bá ti dàgbà, tí wọ́n fẹnu kò, tí ẹnì kan nínú wọn kò sí lẹ́yìn odi, tiwọn ni láti pín in. Ṣùgbọ́n ẹni tó ná owó kó tó rí ipò, tó jókòó ní Ìsítáńbùlù fún ọdún méjì láìríṣẹ́, tó sì mọ̀ pé oṣù 20 ni òun ní, kì í dúró kí wọ́n pe òun. Ìdí nìyí tí àwọn sọ́tánì fi ń kọ ìwé àṣẹ léraléra pé kí kádì má ṣe máa kiri abúlé wá òkú, kí wọ́n má ṣe fipá pín ogún tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n sí. Bí wọ́n ṣe ń tún àṣẹ kan náà pa títí fi hàn pé kò mú ohun púpọ̀ dúró. Ará ìlú tí ìyà bá jẹ lè kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ọba ní Ìsítáńbùlù, wọ́n sì ń kọ ọ́ lóòótọ́. Ìgbìmọ̀ lè ní kí wọ́n tún ẹjọ́ gbọ́, àmọ́ nígbà tí èsì bá fi dé, kádì ọ̀hún ti lè lọ.

Ní Íjíbítì, àwọn ènìyàn ní ohun mìíràn láti kùn sí. Láti 1265 ni Káírò ti ní olórí kádì mẹ́rin, ọ̀kan fún ìlànà òfin kọ̀ọ̀kan: Hánáfì, Ṣáfíì, Málíkì àti Hámbálì. Sọ́tánì Selímù gba ilẹ̀ náà ní 1517. Ní 1522, wọ́n pa ipò àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́, wọ́n sì rán kádì Hánáfì kan wá láti Ìsítáńbùlù. Ibn Íyáàsì, ọmọ Káírò tó ń kọ ìtàn ìgbà náà, kò fi bo rárá pé inú bí òun sí àwọn àlejò yìí àti owó tí wọ́n bù lé ìgbéyàwó.

Síbẹ̀, wọ́n fi àwọn igbákejì kádì sílẹ̀ láti inú ìlànà mẹ́ta yòókù, èyí sì gba ọ̀pọ̀ obìnrin là. Bí ọkọ bá rìnrìn àjò tí kò padà, Hánáfì ní kí ìyàwó dúró títí àwọn ẹgbẹ́ ọkọ náà yóò fi kú tán. Ìlànà Málíkì, tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé, sọ pé ọdún mẹ́rin tó, lẹ́yìn náà kí ó ṣe ìdádúró opó, kó sì lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Obìnrin tó bá gbọ́n kì í lọ sọ́dọ̀ igbákejì Hánáfì. Ìdájọ́ tó bá gbà lọ́dọ̀ igbákejì Málíkì, kádì Hánáfì gbọ́dọ̀ gbà á.

Àwọn igbákejì yìí ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn, ní Íjíbítì àti ní ibòmíràn. Kádì tó gba ipò ní ìlú jíjìnnà kò ní í gbéra mọ́. Yóò jókòó sí Ìsítáńbùlù, yóò yan igbákejì, wọn yóò fẹnu kò lórí iye tí igbákejì yóò máa fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, igbákejì yóò sì wá ọ̀nà rí èrè tirẹ̀ lórí iye yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ìlú tó ń bá a lọ lábẹ́ kádì kan tẹ̀ lé òmíràn, irú ẹni tó ta gbòǹgbò tí ìjọba ti ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìjọba fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀: ilé-ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìsítáńbùlù fún àwọn tí yóò máa dájọ́ Ṣáríà, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn igbákejì ni wọ́n sọ ọ́.