Nọ́ńbà Tí Ń Jẹ́rìí: Bí A Ṣe Lè Dán Ìdá Áljẹ́búrà Wò

Ní sáà tí a rán wa jáde lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ra, Ajah ni ìpín mi bọ́ sí, ní ilẹ̀ gbọọrọ Lekki tí ó wà láàárín ọ̀sà Èkó àti òkun ńlá. Kíláàsì kejì ti sẹ́kọ́ńdírì àgbà ni a fi lé mi lọ́wọ́. Àwọn ọmọ náà a máa ti Badore, Lángbàsà àti Ṣàngótẹ̀dó wá. Iṣẹ́ wa ní ọ̀sẹ̀ náà ni sísọ ìdá áljẹ́búrà di èyí tí ó rọrùn jù lọ. Mo pín ìwé ìbéèrè kan fún wọn, ìdáhùn rẹ̀ sì wà ní ọwọ́ mi ní títẹ̀. Ìdáhùn títẹ̀ yìí ni mo ń wò bí mo ti ń máàkì iṣẹ́ wọn.

Nígbà tí mo dá ìwé wọn padà, ọmọbìnrin kan dìde. Mo ti fa igi pupa sí ìdáhùn rẹ̀ kẹfà, nítorí kò bá ti ìwé mi mu. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ bá mi fi 5 sí ipò x nínú ìbéèrè náà, kí ẹ sì fi í sí inú ìdáhùn mi.” Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì. Ìdáhùn rẹ̀ ni ó tọ̀nà. Ti inú ìwé títẹ̀ ni kò tọ̀nà. Mo pa igi pupa náà rẹ́, mo sì fún un ní máàkì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú lórí ohun tí ọmọ náà ṣe, ohun náà ni mo sì fẹ́ là yé ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa nínú ìwé yìí.

Kí a tó dé orí ìdánwò, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé. A lè pa ohun kan rẹ́ ní òkè àti ní ìsàlẹ̀ ìdá kìkì bí ohun náà bá jẹ́ ẹ̀ka ìlọ́po, èyíinì ni pé a fi í sọ gbogbo ìyókù òkè di púpọ̀, a sì fi í sọ gbogbo ìyókù ìsàlẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ka ìròpọ̀ ni, tí àmì ìròpọ̀ tàbí ti ìyọkúrò ni ó so ó mọ́ èkejì rẹ̀, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Nọ́ńbà lásán fi èyí hàn: 6 + 3 tí a fi 3 pín jẹ́ 3. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá pa 3 òkè àti 3 ìsàlẹ̀ rẹ́, 6 ni yóò kù sí i lọ́wọ́, èyí tí kì í ṣe òtítọ́.

Ẹ wo ìbéèrè kìíní nínú ìwé wa:

(x² − 9) / (x² − 5x + 6)

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ rí x² ní òkè, wọ́n rí x² ní ìsàlẹ̀, wọ́n sì pa méjèèjì rẹ́. Ohun tí ó kù sí wọn lọ́wọ́ ni −9 / (−5x + 6). Ẹ̀ka ìròpọ̀ ni x² jẹ́ níhìn-ín, nítorí náà kò yẹ kí a pa á rẹ́. Ohun tí ó yẹ ni kí a kọ́kọ́ tú òkè àti ìsàlẹ̀ sí ẹ̀ka ìlọ́po wọn. Òkè a di (x − 3)(x + 3). Fún ìsàlẹ̀, a ń wá nọ́ńbà méjì tí ìlọ́po wọn jẹ́ 6, tí àròpọ̀ wọn sì jẹ́ −5. −2 àti −3 ni, nítorí náà ó di (x − 2)(x − 3). Nísinsìnyí, (x − 3) jẹ́ ẹ̀ka ìlọ́po ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. A pa á rẹ́, ó sì ku:

(x + 3) / (x − 2)

Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ìdáhùn lọ́wọ́ yóò ṣe mọ èyí tí ó tọ̀nà nínú méjèèjì? Kí ó fi 5 rọ́pò x. Ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ a di (25 − 9) / (25 − 25 + 6), èyíinì ni 16/6, tàbí 8/3. Ìdáhùn kejì a di 8/3 bákan náà. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kìíní a di −9 / −19, èyíinì ni 9/19. Kò jọ 8/3 rárá. Lẹ́tà x dúró fún nọ́ńbà ni. Bí ìdá méjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, wọ́n gbọdọ̀ dọ́gba fún gbogbo nọ́ńbà tí a lè fi sí inú wọn. Bí wọ́n bá yàtọ̀ ní ibì kan ṣoṣo, ẹjọ́ ti parí: wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè kẹfà, èyí tí mo fi ṣẹ ọmọbìnrin náà:

3/(x − 2) − 2/(x + 1)

Ìdáhùn rẹ̀ ni (x + 7) / ((x − 2)(x + 1)). Ti ìwé títẹ̀ ni (x − 1) / ((x − 2)(x + 1)). Bí a bá fi 5 sí ipò x, ìbéèrè náà jẹ́ 3/3 − 2/6, èyíinì ni 2/3. Ti ọmọ náà jẹ́ 12/18, tí í ṣe 2/3. Ti ìwé jẹ́ 4/18, tí í ṣe 2/9.

Nọ́ńbà náà ti sọ fún wa pé àṣìṣe wà. Ohun tí èmi kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ó lè sọ ibi tí ó wà pẹ̀lú, bí a bá fi í sí inú ìlà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe inú ìlà ìkẹyìn nìkan. Mo ṣe iṣẹ́ náà bí ẹni tí ó kọ ìdáhùn inú ìwé yóò ti ṣe é, mo sì kọ iye ìlà kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà tí x jẹ́ 5:

3/(x − 2) − 2/(x + 1): iye rẹ̀ jẹ́ 2/3.
[3(x + 1) − 2(x − 2)] / ((x − 2)(x + 1)): 12/18, 2/3 náà ni.
(3x + 3 − 2x − 4) / ((x − 2)(x + 1)): 4/18, ó ti di 2/9.

Iye náà yí padà láàárín ìlà kejì àti ìkẹta. Ibẹ̀ ni kí a wá olè sí. Nígbà tí a tú àkámọ́ kejì, −2 ni a fi sọ −2 di púpọ̀, +4 ni ó sì yẹ kí ó jáde, kì í ṣe −4. Bí a bá tún un ṣe, òkè a di 3x + 3 − 2x + 4, èyíinì ni x + 7. Olùkọ́ tí ó bá ń fi iye ìlà kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ ọmọ kò ní í sọ fún un pé gbogbo rẹ̀ bàjẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé àmì kan ṣoṣo ni ó bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n gbogbo ẹlẹ́rìí kọ́ ni ó ṣe é gbọ́ràn sí lẹ́nu. Àwọn nọ́ńbà kan wà tí ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Òdo ni èkíní. Bí ọmọ kan bá sọ pé (x² + 4) / (x + 2) jẹ́ x + 2, tí ó sì fi òdo dán an wò, yóò rí 4/2 ní apá kan àti 2 ní apá kejì, inú rẹ̀ yóò sì dùn lásán. Kí ó fi 5 sí i, yóò rí 29/7 àti 7. Nọ́ńbà 1 ni èkejì, nítorí pé x, x² àti x³ dọ́gba nígbà tí x jẹ́ 1. Ẹni tí ó kọ x + 1 ní ipò x² + 1 kò ní í rí àṣìṣe rẹ̀ bí ó bá fi 1 dán an wò, nítorí 2 ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí x bá jẹ́ 5, ọ̀kan jẹ́ 6, èkejì jẹ́ 26. Nọ́ńbà 2 pàápàá kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí 2x àti x² dọ́gba níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń lo 5 tàbí 7, bí wọn kò bá sọ ìsàlẹ̀ ìdá di òdo. Bí lẹ́tà méjì bá wà, nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí a fún wọn, kí a lè mọ̀ bí a bá ti fi ọ̀kan sí ipò èkejì.

Nọ́ńbà tí ń sọ ìsàlẹ̀ di òdo kò wúlò fún ìdánwò, nítorí a kò lè fi òdo pín ohunkóhun. Nínú ìbéèrè kìíní, 2 àti 3 ni wọ́n. Ẹ kíyè sí 3 dáadáa. Bí a bá fi í sí inú ìdáhùn wa, 6/1 ni a ó rí, ohun gbogbo yóò sì dà bí ẹni pé ó tọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìbéèrè náà, òdo lórí òdo ni. Nítorí náà ìdáhùn wa dọ́gba pẹ̀lú ìbéèrè fún gbogbo nọ́ńbà tí ìbéèrè náà gbà, 3 kò sì sí lára wọn.

Ó ku ohun méjì tí ìdánwò yìí kò lè ṣe fúnra rẹ̀. Èkíní, kò lè sọ bóyá a ti mú ìdá náà rọrùn dé òpin. Ẹni tí kò ṣe ohunkóhun, tí ó kàn tún ìbéèrè kọ, yóò yege nínú rẹ̀. Ojú wa ni yóò wò bóyá ẹ̀ka ìlọ́po kan ṣì kù ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Èkejì, nọ́ńbà kan ṣoṣo lè fi irọ́ hàn, ṣùgbọ́n kò lè fi òtítọ́ múlẹ̀ pátápátá. Nọ́ńbà mélòó ni yóò tó, nígbà náà? A lè mọ̀ ọ́n. Ẹ fi òkè ìdá kọ̀ọ̀kan sọ ìsàlẹ̀ èkejì di púpọ̀. Fún ìbéèrè kìíní, a ó ní (x² − 9)(x − 2) ní apá kan, àti (x + 3)(x² − 5x + 6) ní apá kejì. Agbára x tí ó ga jù nínú wọn ni x³. Bí wọ́n bá yàtọ̀ síra, ìyàtọ̀ wọn kò lè di òdo ní ibi tí ó ju mẹ́ta lọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá dọ́gba fún nọ́ńbà mẹ́rin, ọ̀kan náà ni wọ́n. Níbí òdo àti 1 kò léwu mọ́, nítorí a kà wọ́n mọ́ àwọn yòókù. Bí x bá jẹ́ 0, 18 ni apá méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ 1, 8 ni. Bí ó bá jẹ́ 4, 14 ni. Bí ó bá jẹ́ 5, 48 ni. Ẹlẹ́rìí mẹ́rin ti sọ ohun kan náà, a sì ti mọ̀ dájú.

Nínú yàrá ìdánwò kò sí àyè fún mẹ́rin, ṣùgbọ́n àyè wà fún ọ̀kan tí a fara balẹ̀ yàn. Ní ti èmi, kí n tó fi ìwé ìdáhùn títẹ̀ kankan máàkì iṣẹ́ ọmọ mọ́, mo ti kọ́kọ́ fi 5 dán ìwé náà wò.