Ìdúnàádúrà Nínú Àkójọ Dátà: Àpẹẹrẹ Owó Tí A Fi Ránṣẹ́ ní Báńkì

Bí Àìná tí ó wà ní Ìbàdàn bá fi 20,000 náírà ránṣẹ́ sí Múúsá ní Kánò, tí àwọn méjèèjì sì ní àkáǹtì ní báńkì kan náà, ohun méjì ni kọ̀ǹpútà báńkì ní láti ṣe. Yóò yọ 20,000 kúrò nínú àkáǹtì Àìná, yóò sì fi iye kan náà kún ti Múúsá. Bí ẹ̀rọ bá dákú láàárín iṣẹ́ méjèèjì, owó ti kúrò lọ́wọ́ Àìná, kò sì dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo tí a ń pè ní ìdúnàádúrà. Ní ọjà, ọ̀rọ̀ yìí kan àdéhùn láàárín olùtà àti olùrà. Ní ti kọ̀ǹpútà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọ̀wọ́ àṣẹ tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ṣẹ, tàbí kí ìkankan wọn má ṣẹ rárá:

```sql
BEGIN;
UPDATE akanti SET owo = owo - 20000 WHERE nomba = 101;
UPDATE akanti SET owo = owo + 20000 WHERE nomba = 202;
COMMIT;
```

COMMIT ni òǹtẹ̀. Kí àkójọ dátà tó dáhùn pé òun ti lu òǹtẹ̀, yóò ti kọ àyípadà náà sórí díìsìkì, tí ó fi jẹ́ pé bí iná tilẹ̀ lọ lẹ́yìn náà, owó Múúsá kò ní sọnù. Òdìkejì rẹ̀ ni ROLLBACK, èyíinì ni ìwọ́gilé, tí ń mú kí gbogbo nǹkan wà bí ó ti wà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó kọ ètò náà gbọ́dọ̀ kíyè sára níhìn-ín. Bí kò bá sí àkáǹtì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 202, àṣẹ kejì kò ní kọ̀. Yóò kàn dáhùn pé kò sí ìlà kankan tí òun yí padà. Ètò ni yóò ka ìdáhùn yìí, tí yóò sì fúnra rẹ̀ pàṣẹ ìwọ́gilé.

Ìwọ́gilé yàtọ̀ sí owó tí báńkì dá padà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ohun tí a ti lu òǹtẹ̀ kò ṣeé wọ́gi lé mọ́. Owó tí wọ́n dá padà jẹ́ ìdúnàádúrà tuntun, méjèèjì ni yóò sì hàn nínú ìwé àkáǹtì.

Síbẹ̀, òǹtẹ̀ nìkan kò tó nígbà tí ènìyàn méjì bá fọwọ́ kan àkáǹtì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Kí a sọ pé Àìná ní 50,000, àti pé ní àkókò kan náà tí ó ń fi 20,000 ránṣẹ́, ètò mìíràn ń yọ 15,000 owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀. Bí ètò kọ̀ọ̀kan bá kọ́kọ́ ka iye owó, tí ó ṣírò fúnra rẹ̀, kí ó tó kọ èsì padà, àwọn méjèèjì yóò ka 50,000. Èkíní yóò kọ 30,000, yóò sì lu òǹtẹ̀. Èkejì yóò kọ 35,000 lé e lórí. Iye tí ó yẹ kí ó ṣẹ́ kù ni 15,000. Báńkì ti pàdánù 20,000, kò sì sí àṣẹ kan tí ó kùnà. Ìgbà tí wọ́n bá fi àpapọ̀ àkọsílẹ̀ ìsanwó wé iye tó wà nínú àkáǹtì ni àṣírí yóò tó tú.

Ibí ni ìpele ìyàsọ́tọ̀ ti wúlò, nítorí òun ni ó ń sọ bí ìdúnàádúrà kan ṣe lè rí iṣẹ́ òmíràn tó. Ìlànà SQL ti ọdún 1992 dárúkọ mẹ́rin: READ UNCOMMITTED, READ COMMITTED, REPEATABLE READ àti SERIALIZABLE. READ COMMITTED ni PostgreSQL ń lò bí ẹnikẹ́ni kò bá yan òmíràn. Ìpele yìí kò jẹ́ kí a ka ohun tí a kò tíì lu òǹtẹ̀, ṣùgbọ́n kò dènà àṣìṣe òkè yìí. Ní REPEATABLE READ, PostgreSQL yóò dá èkejì dúró pẹ̀lú ìkìlọ̀ yìí:

```
ERROR: could not serialize access due to concurrent update
```

Ètò gbọ́dọ̀ wọ́gi lé iṣẹ́ náà, kí ó sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí kíka iye owó. Orúkọ ìpele nìkan kò sì tó fọkàn tán: MySQL náà ní REPEATABLE READ, òun gan-an ni ó ń lò láìyàn, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí 35,000 náà wọlé. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni èyí tí ó wà nínú àpẹẹrẹ àkọ́kọ́, níbi tí a ti kọ `owo = owo - 20000`. Àkójọ dátà fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe ìyọkúrò náà. Èkejì yóò dúró de èkíní, iye tuntun, 30,000, ni yóò sì ti yọ 15,000 tirẹ̀.