Òrí Ló Wà Lójú Ìgò, Omi Ló Kún Inú Rẹ̀

Tí ara bá ń gbẹ tó ń funfun, ẹ má wulẹ̀ dúró wo ojú ìgò ìpara. Ẹ yí i padà. Ojú ni wọ́n ya èso òrí sí, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ àwọn èròjà sí, ní lẹ́tà tó kéré débi pé ojú àgbà kì í fẹ́ dé ibẹ̀. Mo to irú rẹ̀ kan sílẹ̀ bí àpẹẹrẹ, ó sì jọ ti ọ̀pọ̀ ìpara tó ń pe ara rẹ̀ ní ìpara òrí:

```
Aqua, Paraffinum Liquidum, Glycerin,
Cetearyl Alcohol, Dimethicone, Parfum,
Phenoxyethanol, Butyrospermum Parkii Butter,
Cocos Nucifera Oil
```

Òfin Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà ni pé èyí tó pọ̀ jù ni kí wọ́n kọ ṣáájú, kí ìyókù máa tẹ̀ lé e bí ó ṣe ń dín kù. Àmọ́ àwọn tí kò bá ju ìdá 1 nínú 100 lọ, bó bá ṣe wu ilé iṣẹ́ ló lè tò wọ́n. Wọn kì í sì í fi àmì sí ibi tí ìdá 1 yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí a fi lè mọ̀ ọ́n. Ẹ wo orúkọ keje. Èròjà tí kì í jẹ́ kí ìpara bàjẹ́ ni, òfin Yúróòpù kò sì gbà kó ju ìdá 1 lọ. Nítorí náà, bí igi ààlà oko ló rí: ohun tí wọ́n bá kọ lẹ́yìn rẹ̀ kò lè ju ìdá 1 lọ. Orúkọ kẹjọ ni òrí wa, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún igi ẹmi ni wọ́n fi pè é níbẹ̀. Bí ìgò náà bá gba 400 gíráàmù, òrí inú rẹ̀ kò lè ju gíráàmù 4 lọ. Kò kún ṣíbí tíì kan. Òróró àgbọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ òrí gan-an, kó lọ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń wọ̀n ọ́n ní igbá lọ́jà.

Síbẹ̀, ìpara yìí kì í ṣe ìpara burúkú, torí pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni wọn kò yà sójú ìgò. Omi ló ṣáájú, bó ṣe sábà máa ń rí, kò sì ní pẹ́ gbẹ kúrò lára. Ohun tó bá kù lẹ́yìn omi ló yẹ ká bi í léèrè. Orúkọ kejì jẹ́ òróró tí wọ́n sẹ́ láti inú epo rọ̀bì, ìbátan fasilín. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó bo awọ ara, kí omi inú rẹ̀ má bàa fẹ́ lọ. Ẹ̀kẹta ni gílísírínì, tó ń fa omi mọ́ra. Ibi tó bá ti rí omi ló ti ń fà á: lásìkò ọ̀yẹ́, tí kò sí ọ̀rinrin nínú afẹ́fẹ́, ó lè máa fà á láti ìsàlẹ̀ awọ wá sókè, kí ìyẹn sì gbẹ dànù. Ìdí nìyí tí gílísírínì nìkan kì í fi í tó, àfi kí nǹkan kan bò ó. Méjèèjì ni kí ẹ máa wá ṣáájú ìlà ààlà yẹn, kí ẹ sì fi í para nígbà tí ara ṣì tutù láti balùwẹ̀.

Orúkọ kẹrin máa ń já àwọn èèyàn láyà torí pé wọ́n rí ọtí nínú rẹ̀. Kì í ṣe irú ọtí tó ń gbẹ ara. Ó dà bí ìda, ó ń mú ara dán, ó sì ń jẹ́ kí omi àti òróró pò pọ̀. Èyí tí ó yẹ kí ẹ sá fún ni `Alcohol Denat.`, pàápàá tó bá wà nínú orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́.

Lọ́fíńdà ni ẹ̀kẹfà, ó sì ṣáájú ààlà wa. Fún ẹni tí awọ rẹ̀ ti sán tàbí tó ń yún un, èmi ò ní ra ìgò yìí, bó ti wù kí ìyókù dára tó.

Ẹ má wá ka gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ààlà sí ẹ̀tàn o. Sẹ́rámáìdì, ọ̀rá tí awọ wa fúnra rẹ̀ ń ṣe, kì í nílò púpọ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Yúríà ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdá 5 sí 10 nínú 100 ni wọ́n sábà máa ń lò fún ara tó gbẹ gan-an, nítorí náà, tó bá wà lẹ́yìn ààlà, kò tó nǹkan kan. Tó bá sì pé, kì í ṣe ibi tó ti là ni kí ẹ fi sí, torí pé á ta yín.