Níbo Ni Kámẹ́rà Wà Nígbà Tí Ẹsẹ̀ Ń Jó?

Kí wọ́n tó ya fídíò orin, olùdarí máa ń kọ ìwé kan fún olórin àti ẹni tó fẹ́ náwó sí i. Ojú ìwé bíi mélòó kan ni. Ibẹ̀ ni yóò ti sọ ibi tí wọ́n máa lọ, bí wọ́n ṣe máa ya ijó, àti ìtàn tí ojú máa rí. Mo ti rí èyí tó kún fún mọ́tò olówó ńlá láti òkè dé ilẹ̀, tí kò sọ ohunkóhun nípa ijó.

Ẹ jẹ́ ká mú orin áfúróbíìtì kan lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n bí Fẹlá sí lọ́dún 1938. Orin tiẹ̀ a máa gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Tiwa yìí kò ju mẹ́ta lọ, nítorí náà ìtàn rẹ̀ kò gbọdọ̀ díjú. Wọ́n rán ọmọbìnrin kan láti Ìtọ́kú kó gbé àdìrẹ lọ fún olórin tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sóde. Gbogbo ẹni tó bá pàdé lọ́nà ló ń fi ijó dá a dúró. Ẹni tí kò gbọ́ orin náà rárá á ṣì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Àárọ̀ ni ká lọ sórí Òkúta Olúmọ, torí oòrùn ọ̀sán máa ń da òjìji sí ihò ojú èèyàn. Lọ́sàn-án, ká wà lábẹ́ òrùlé ọjà Ìtọ́kú, lẹ́yìn tí a bá ti rí Ìyálọ́jà. Ìrọ̀lẹ́ ni ijó ńlá, ní àgbàlá kan nítòsí.

Ijó yìí ló nílò àlàyé jù. Lákọ̀ọ́kọ́, kámẹ́rà á dúró lókèèrè, á ya àwọn oníjó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin. Wọ́n á tún un jó fún ìbàdí sókè, wọ́n á sì tún un jó nígbà tí kámẹ́rà bá sún mọ́ ilẹ̀ láti mú ẹsẹ̀ nìkan. Orin kan náà ló ń ti inú sípíkà jáde nígbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń to fídíò lè fò láti ara ọ̀kan sí èkejì láìjẹ́ pé ìlù yẹ̀. Bí wọ́n bá fo ti òkèèrè, ẹsẹ̀ á máa gé ní ọrùn ẹsẹ̀, a ò sì ní mọ ijó tí wọ́n jó.

Bí olùdarí bá fẹ́ kí olórin máa rìn jẹ́jẹ́ àmọ́ kí ẹnu rẹ̀ bá orin mu, kámẹ́rà á ya fírémù 48 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan dípò 24, orin á sì sáré ní ìlọ́po méjì. Ká má dán èyí wò fún ijó ẹlẹ́sẹ̀ líle; kò sí ẹsẹ̀ tó lè bá a.

Bí òjò bá jẹ àsìkò wa, Olúmọ ni mo máa yọ kúrò. Ijó tí a yà láti òkèèrè kò ṣeé yọ.