Ìlà Méjì Tó Ń Fi Yanrìn Hàn Yàtọ̀ sí Amọ̀ Nínú Kànga Epo

Ìpele ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Agbada ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú epo rọ̀bì Náíjà Dẹ́ltà wà. Òkúta yanrìn àti òkúta amọ̀ ló tò léra wọn níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, títí wọnú ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Àárín hóró yanrìn ní àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí epo, gáàsì tàbí omi ń gbé. Òkúta amọ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ríìgì ń pè ní ṣéèlì, kì í jẹ́ kí nǹkan là á kọjá bọ̀rọ̀; òun ló ń dé epo mọ́ inú yanrìn. Ẹni tó ń gbẹ́ kànga gbọ́dọ̀ mọ èyí tó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú kò lè dé kìlómítà méjì nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ìlà méjì tó ń yọ lójú kọ̀ǹpútà ló ń tọ́ ọ sọ́nà.

Ìlà gámà ni àkọ́kọ́. Òkúta máa ń tú ìtànṣán díẹ̀díẹ̀ jáde nítorí potásíọ̀mù, tóríọ̀mù àti yùréníọ̀mù tó wà nínú rẹ̀. Inú amọ̀ ni àwọn nǹkan wọ̀nyí ti ń pọ̀ jù. Yanrìn mímọ́, tó jẹ́ kìkì hóró kúọ́tìsì, kò fi bẹ́ẹ̀ ní wọn. Nítorí náà, níbi tí ṣéèlì bá wà, ìlà gámà máa ń lọ sápá ọ̀tún, ó sábà máa ń kọjá 100 ní ìwọ̀n API. Níbi tí yanrìn bá wà, ó ń padà sápá òsì.

Ìlà kejì ń wọn bí òkúta ṣe ń dènà iná mànàmáná tó. Conrad àti Marcel Schlumberger, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò láti ilẹ̀ Faransé, ló ni èrò yìí, àwọn èèyàn wọn sì wọn irú rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú kànga kan ní Pechelbronn lọ́dún 1927. Omi oníyọ̀ ń gbé iná kọjá dáadáa, nítorí náà yanrìn tó kún fún un kì í dènà iná púpọ̀. Epo àti gáàsì kì í gbé iná kọjá rárá. Ti ṣéèlì náà máa ń wálẹ̀, nítorí omi tó lẹ̀ mọ́ ara amọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi kànga kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní mítà 2,400, gámà wà ní 120, ìdènà iná sì jẹ́ óòmù-mítà 2: ṣéèlì nìyẹn. Ní 2,412, gámà já wálẹ̀ sí 35, ìdènà iná fò sókè sí 80. A ti wọnú yanrìn, ó sì jọ pé epo tàbí gáàsì ló wà níbẹ̀. Ní 2,430, gámà ṣì wà ní 35, àmọ́ ìdènà iná ti já sí 0.8. Òkúta kò yí padà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló yí padà, torí omi oníyọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Gámà nìkan kò lè sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Bí yanrìn tó mọ́ jù nínú kànga náà bá ka 20, a lè fojú bu iye amọ̀ tó wà nínú yanrìn wa:

```
(35 - 20) / (120 - 20) = 0.15
```

Èyí ń sọ pé amọ̀ inú rẹ̀ kò lè ju nǹkan bí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Bí irin ṣe ń gbẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ni ìròyìn yìí ń dé òkè. Ẹ̀rọ tó wà lókè ẹnu irin ń fi ìtẹ̀ wẹ́wẹ́ ránṣẹ́ gba inú ẹrẹ̀ tí wọ́n ń tú sínú kànga. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà lè fi ọ̀pọ̀ mítà jìnnà sí ẹnu irin. Bí ó bá jẹ́ mítà 10, ìgbà tí ìlà bá sọ pé yanrìn ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu irin ti wọnú rẹ̀ ní mítà 10. Ẹni tó fẹ́ dúró lórí yanrìn kó tó wọ̀ ọ́ kò lè gbára lé ìlà yẹn.

Ìlà náà sì lè ṣini lọ́nà. Yanrìn tó ní máíkà tàbí fẹ́lísípà púpọ̀ ń tú gámà jáde bí ẹni pé ṣéèlì ni. Irú rẹ̀ wà nínú òkun Àríwá ilẹ̀ Yúróòpù. Bí wọ́n bá po potásíọ̀mù kúlóráìdì mọ́ ẹrẹ̀, gámà gbogbo kànga á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó wà nítòsí wa jù ni ti ìpele Benin, tó wà lókè Agbada: omi tí kò níyọ̀ ló kún inú yanrìn rẹ̀, irú omi bẹ́ẹ̀ kì í sì í gbé iná dáadáa. Ìdènà iná á ga, gámà á wálẹ̀, gbogbo rẹ̀ á jọ epo pátápátá.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń yẹ èérún òkúta tí ẹrẹ̀ ń gbé jáde wò. Bí ìdènà iná bá ga, tí èérún kò ní àmì epo, tí gáàsì kò sì yọ nínú ẹrẹ̀, omi tí kò níyọ̀ ni kí a kọ́kọ́ fura sí.