Ẹ́ńjìnnì géèmù

Ẹ́ńjìnnì géèmù ni sọ́fúwíà tó ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ géèmù orí kọ̀ǹpútà jọ nílò, bíi yíya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà àti mímọ ohun tí ẹni tó ń ṣeré tẹ̀. Géèmù fúnra rẹ̀ ni ohun tí wọ́n gbé ka orí ẹ́ńjìnnì náà: àwọn yàrá, ọ̀tá, ìró àti òfin eré. Ààlà tó wà láàárín méjèèjì hàn kedere nínú Doom, tí ilé-iṣẹ́ id Software gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1993.

Fáìlì méjì ló ṣe pàtàkì jù nínú Doom. DOOM.EXE ni ẹ́ńjìnnì, inú DOOM.WAD ni àwọn àwòrán, ìró àti àwòrán ilẹ̀ wà. Ẹni tó bá ra ẹ̀dà kíkún lè ya ilé tirẹ̀ sínú fáìlì WAD mìíràn, kí ó sì pa á láṣẹ báyìí:

```
DOOM -file ILE.WAD
```

Ẹ́ńjìnnì kan náà yóò ya ilé tuntun náà láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kóòdù rẹ̀. Àmọ́ ààlà náà kò gún régé tán, nítorí pé inú kóòdù ni ìwà àwọn ọ̀tá wà. Nígbà tí Raven Software gba láísẹ́ǹsì ẹ́ńjìnnì náà láti fi ṣe Heretic (1994), wọ́n ní láti tún kóòdù ṣe kí ẹni tó ń ṣeré tó lè wo òkè àti ilẹ̀.

== Sọ́fúwíà agbedeméjì ==

Sọ́fúwíà agbedeméjì ni èyí tí ẹlòmíràn kọ, tí àwọn tó ń ṣe géèmù gba láísẹ́ǹsì rẹ̀ fún iṣẹ́ kan ṣoṣo. Nínú Doom, DMX tí Paul Radek kọ ló ń bójú tó ìró. Káàdì ìró ayé ìgbà náà pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí a ń gbà bá ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ́ńjìnnì kàn ń sọ ìró tó fẹ́, bí yóò ṣe ròkè tó àti ẹ̀gbẹ́ tí yóò ti wá. DMX ló ń ṣe ìyókù.

Ìrọ̀rùn yìí ní iye tirẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, John Carmack ti id Software fi kóòdù Doom síta fún gbogbo ayé. DMX kì í ṣe tiwọn, nítorí náà wọn kò lè fi kóòdù ti DOS síta. Ti Linux ni wọ́n fi sílẹ̀. Carmack kọ ọ́ sínú fáìlì tó bá kóòdù náà wá pé àṣìṣe ni lílo DMX jẹ́. Àwọn tó fẹ́ dá eré náà padà sórí DOS ní láti wá kóòdù ìró mìíràn.

Fáìlì WAD pẹ̀lú kò sí lára ẹ̀bùn náà. Bí ẹ́ńjìnnì náà kò bá rí WAD kankan, ohun tó ń kọ ni `Game mode indeterminate.`, kò sì ní sí eré kankan. Ẹni tó ní kóòdù ṣì gbọ́dọ̀ ra Doom, tàbí kí ó lo Freedoom, iṣẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda tó ya àwòrán, ìró àti ilé tuntun sínú WAD ọ̀fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì yìí.