Fífi Ègé Lẹ́tà Tí Olùkọ́ Gé Fúnra Rẹ̀ Kọ́ Ọmọdé Ní Àkọtọ́: Àpẹẹrẹ Láti Ìlú Bìní

Ìfáárà

Ní Ìlú Bìní, tí í ṣe olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ẹdó, èdè Ẹdó ni èdè àwọn onílé, ṣùgbọ́n ọmọ tí òbí rẹ̀ ń sọ Yorùbá, ọmọ tí ń sọ Ẹsan àti ọmọ tí ó jẹ́ pé Pijin nìkan ni ó gbọ́ dáadáa lè jókòó sórí àga kan náà. Púpọ̀ nínú wọn ti kọ́ lẹ́tà 26 ti Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó rí ti Yorùbá. Èyí ni ìṣòro àkọtọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà 25 ni Yorùbá ní: kò lo c, q, v, x àti z, ó sì ní ẹ, gb, ọ àti ṣ tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Ọmọ tí ó gbọ́ /gb/ yóò máa wá lẹ́tà méjì fún ohun tí ó jẹ́ ìró kan.

Níbi tí ìwé kò ti kárí, ègé páálí tí a kọ lẹ́tà sí lè fi ìyàtọ̀ yìí han ọmọ. Èrò náà kì í ṣe tuntun. Maria Montessori, tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé sílẹ̀ ní Róòmù ní ọdún 1907, fún àwọn ọmọ ní lẹ́tà tí wọ́n lè gbé kiri, kí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tí ì mọ gègé í dì lè to ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́. Ohun tí a ó yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí a ṣe lè ṣe irú rẹ̀ fún Yorùbá, èdè olóhùn.

Ṣíṣe àwọn ègé náà

Apá kan páálí tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 32, tí ó sì gùn ní sẹ̀ǹtímítà 36, tó fún ẹgbẹ́ ọmọ márùn-ún. Bí a bá fi rúlà pín in sí igun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba, tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4, ègé 72 ni yóò jáde. Fáwẹ̀lì méje ni a ó kọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin-mẹ́rin, èyí jẹ́ 28. Kọ́ńsónáǹtì 18 ni a ó kọ ní ẹ̀ẹ̀mejì-méjì, èyí jẹ́ 36. A ó fi n méjì kún un, nítorí fáwẹ̀lì àránmúpè ń lo n pẹ̀lú. Ó di 66. Ègé mẹ́fà tí ó ṣẹ́kù ni a ó là sí méjì-méjì láti rí ègé ohùn 12: mẹ́fà fún ohùn òkè, mẹ́fà fún ohùn ìsàlẹ̀. Ohùn àárín kò ní ègé, nítorí kò ní àmì nínú ìwé. Orí fáwẹ̀lì ni a ń gbé ègé ohùn sí.

Orí ègé kan ṣoṣo ni a gbọ́dọ̀ kọ gb sí. Bákan náà, ẹ, ọ àti ṣ ní ègé tiwọn. A kò gbọdọ̀ ṣe àmì ìsàlẹ̀ wọn lọ́tọ̀, kí ọmọ má baà rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ohun mìíràn ni pé bí ègé d bá dojú délẹ̀, p ni yóò dà. N yóò sì di u. Àwọn olùkọ́ mìíràn máa ń fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà láti dènà èyí, ṣùgbọ́n nínú Yorùbá ìlà náà lè dàrú mọ́ àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Ó sàn kí a gé ṣóńṣó igun apá ọ̀tún lókè dànù lára gbogbo ègé. Bí ibi tí a gé bá wà nísàlẹ̀, ọmọ yóò mọ̀ pé ó dojú ègé náà dé.

Bí eré náà ṣe ń lọ

Ẹ jẹ́ kí a mú i, gb àti a. Olùkọ́ pe ìgbà, bí ẹni tí ń sọ ìgbà òjò. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún sílébù kọ̀ọ̀kan: ẹ̀ẹ̀mejì. Nítorí náà, ohun méjì tí ń gba ohùn ni ó gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n to lẹ́tà, wọ́n sì gbé ègé ohùn ìsàlẹ̀ lé fáwẹ̀lì méjèèjì. Lẹ́yìn èyí, olùkọ́ kò jẹ́ kí wọ́n tú lẹ́tà ká. Ó pe igbá, èyí tí a fi ń bu omi. Wọ́n mú ègé ohùn méjèèjì kúrò, wọ́n sì gbé ohùn òkè lé a. Ó pe igba, iye tí í ṣe 200. Kò sí ègé ohùn kankan lórí rẹ̀. Ó pe igbà, okùn tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ, lẹ́yìn náà ó pe ìgbá tí a ń jẹ. Ọ̀rọ̀ márùn-ún jáde láti ara lẹ́tà mẹ́ta tí kò kúrò lójú kan. Bí ọmọ kan bá gbé ohùn òkè lé i, olùkọ́ lè béèrè bóyá ó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, nítorí nínú Yorùbá àjùmọ̀lò fáwẹ̀lì tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kì í ní ohùn òkè.

Kí ọmọ tí ó yára má baà ṣe é tán fún àwọn yòókù, ọmọ kọ̀ọ̀kan ni yóò máa ṣọ́ ègé tirẹ̀: àwọn méjì ní fáwẹ̀lì, àwọn méjì ní kọ́ńsónáǹtì, ẹnì kan ní ohùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ègé ẹlòmíràn. Ipò wọn yóò máa yípo lẹ́yìn ọ̀rọ̀ márùn-ún.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé

Bí olùkọ́ bá kó kìkì lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ kan nílò fún ọmọ, ìtòpọ̀ ni ọmọ ń ṣe, kì í ṣe àkọtọ́. Ó gbọ́dọ̀ ṣà wọ́n láàárín èyí tí kò bá a mu. Nígbà tí ọmọ bá to g àti b síwájú a dípò gb, a mọ̀ pé ojú ni ó fi ń ṣe é, kì í ṣe etí. Kí olùkọ́ ní kí ó pe g nìkan, kí ó pe b nìkan, kí ó tó pe gb.

Àṣìṣe mìíràn wá láti inú èdè Ẹdó. Èdè náà ní p àti kp gẹ́gẹ́ bí ìró ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ń fi p nìkan kọ ìró /kp/. Ọmọ tí ó wá kp nígbà tí a pe pákó gbọ́ dáadáa. Àkọtọ́ èdè mìíràn ni ó lò. Bí a bá fẹ́ ṣe eré yìí ní èdè Ẹdó, ègé mìíràn ni a ó gé: igho, ‘owó’, gba gh; erha, ‘bàbá’, gba rh; ẹvbo, ‘ìlú’, gba vb, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ègé kan. Àwọ̀ máákà tó yàtọ̀ ni kí a fi kọ wọ́n, kí a má sì kó èdè méjèèjì pọ̀ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan.

Ibi tí eré náà mọ

Etí kò lè yanjú ohun gbogbo. Nínú ìtàn àti ìbọn, ìró kan náà ni fáwẹ̀lì àránmúpè tí ó parí ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sọ Yorùbá àjùmọ̀lò, ṣùgbọ́n a ń kọ ọ̀kan ní an, a sì ń kọ èkejì ní ọn. Òfin ìkọ̀wé ni ó pín wọn: ọn ni a ń kọ lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì tí ètè kópa nínú pípè rẹ̀, bí i b, f, gb, p àti w, an ni a ń kọ lẹ́yìn àwọn yòókù. Ọmọ tí ó to ìtọ̀n kò ṣì í gbọ́. Olùkọ́ ni yóò fi ọ̀rọ̀ bí ẹran, ìtàn àti ikán sí apá kan, ìbọn àti ìwọ̀n sí apá kejì, títí ọmọ yóò fi rí òfin náà.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, a ó bo àwọn ègé náà mọ́lẹ̀, ọmọ yóò sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sínú ìwé rẹ̀. Bí ó bá kọ lẹ́tà pé ṣùgbọ́n tí ó gbàgbé ohùn, òun ni kí ó ṣọ́ ègé ohùn ní ọjọ́ kejì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ka ègé 78 padà sínú agolo, kí nọ́ńbà ẹgbẹ́ náà sì wà lẹ́yìn ègé kọ̀ọ̀kan. A kì í sábàá mọ̀ pé ẹ kan ti sọnù títí ọmọ yóò fi fi e rọ́pò rẹ̀.